Ọgbọ̀n Lórí Ẹyọ Bọ́tìnì Kan

Àlọ́ ni gbogbo ilé ń pè é láti kékeré. Bí ẹnìkan bá pa àlọ́ fún un tí kò rí i já, kò ní jẹun, ẹni tó pa á náà kò sì ní gbádùn oúnjẹ tirẹ̀. Ó dàgbà, ó lọ sí yunifásítì, ó gbàwé ẹ̀rí bọ̀, orúkọ náà kò kúrò lára rẹ̀. Ìyàwó tó fẹ́ pàápàá, Àlọ́ ló ń pè é. Ìgbà tí inú bá ń bí i nìkan ló máa ń pè é ní "ọkọ mi."

Ìyá rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù. Bọ́tìnì ni wọ́n ń tà níbẹ̀, àti òwú díẹ̀. Dúrọ́ọ̀ kéékèèké ló bo ògiri mẹ́ta láti ilẹ̀ dé àjà, wọ́n sì lẹ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan mọ́ iwájú dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan kí èèyàn lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀: onígi, onírin, eléegun, àwọn tó ń dán bí ojú ẹja, àti àwọn kan tó kéré débi pé bí ọ̀kan bá bọ́ sílẹ̀, orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń wá a. Òfin kan ṣoṣo ni Màmá ní: a kì í lé ẹni tó wá ra ẹyọ kan. Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá, méjìlá méjìlá ni wọ́n ń dì í, ẹni tí kò bá fẹ́ méjìlá kó máa lọ. Màmá a ní, "Ẹyọ kan ló já lára ẹ̀wù rẹ̀. Kí ló fẹ́ fi mọ́kànlá tó kù ṣe, ṣé kó máa jẹ wọ́n lẹ́nu ni?"

Nígbà tí wọ́n gbé ibùdókọ̀ kúrò ní àdúgbò náà, ẹsẹ̀ oníbàárà dá. Màmá a jókòó láti àárọ̀, a máa nu dúrọ́ọ̀ tí kò dọ̀tí. Àlọ́ ló wá ní kí wọ́n gbé ọjà náà sórí ayélujára, kí ẹni tí bọ́tìnì rẹ̀ já ní ìlú mìíràn lè ya àwòrán rẹ̀, kó rí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kó fi káàdì báńkì sanwó látorí fóònù. Ilé-iṣẹ́ kan wà tó máa ń bá àwọn ọlọ́jà gba irú owó bẹ́ẹ̀. Àwọn ni yóò gbà á lọ́wọ́ oníbàárà, wọn yóò yọ tiwọn, wọn yóò da ìyókù sí àkáǹtì ọlọ́jà lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ tó wà lórí àkáǹtì Màmá kò bá ti inú ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ mu, báńkì sì ti ti àkáǹtì Àlọ́ pa nítorí pé ó pẹ́ tó ti lò ó. Àkáǹtì ìyàwó ni wọ́n bá fi sílẹ̀. Bí owó bá ti wọlé láàárín ọ̀sẹ̀, òun ni yóò gbà á jáde ní ọjọ́ Ẹtì, yóò kó o lé Màmá lọ́wọ́.

Kí wọ́n tó ṣí i, Àlọ́ dán an wò. Ó fi káàdì ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ra bọ́tìnì onírin tí owó rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ́wọ́ ara wọn. Lọ́jọ́ kejì, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ó lé ẹgbẹ̀ta ó lé àádọ́rin ló wọlé. Wọ́n ti yọ ọ̀ọ́dúnrún ó lé ọgbọ̀n. Ó rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún Màmá pé mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń mú, àti ẹ̀rúnrún díẹ̀ tí kò tó nǹkan. Màmá ní ẹni tó bá ń bá èèyàn gba owó láti ìlú tí kò dé rí, tó mú mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ọmọlúàbí ni.

Ọjà náà sì gbéra. Kò sí ẹlòmíràn tó ń ta ẹyọ kan. Ọkùnrin kan tí bọ́tìnì ọrùn ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sọnù, obìnrin kan tó ń tún ẹ̀wù àwọ̀lékè ìyá rẹ̀ ṣe, wọ́n ń wá láti ibi gbogbo, ẹyọ kan, ẹyọ kan, ní ọgọ́rùn-ún tàbí igba. Àwọn télọ̀ àdúgbò tó máa ń wá ra ẹrù oṣù kan lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì máa ń san owó sọ́wọ́, àwọn náà gbọ́ pé ó ti wà lórí fóònù. Kí ni wọ́n tún fẹ́ máa rìn wá fún? Bí èyí bá tán, wọ́n tẹ fóònù. Bí tọ̀hún bá tán, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́.

Ìyàwó ló ń di gbogbo rẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń di ìwé pọ̀, ọwọ́ rẹ̀ yá. Kò jẹ́ sọ bọ́tìnì sínú àpòòwé lásán. Ó máa ń rán an mọ́ páálí pélébé kan pẹ̀lú òwú tó bá àwọ̀ rẹ̀ mu, yóò kọ orúkọ ẹni tó rà á sábẹ́ rẹ̀. Màmá a máa wò ó, a máa sọ fún àwọn tó bá yà wọlé pé, "Ẹ wo ìyàwó mi. Ọmọ tí mo bí kò mọ abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ìṣó." Àlọ́ a ní òun ti gbọ́.

Màmá ní ọ̀nà tó ń gbà ka ọjà. Ó ní agolo kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Bí àpòòwé kan bá ti ń jáde, yóò sọ bọ́tìnì tó ti fọ́ kan sínú agolo: funfun fún ọjà ọgọ́rùn-ún, dúdú fún igba, pupa fún ẹgbẹ̀rún; bí ọjà bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò fi òwú so pupa bíi mélòó kan pọ̀. Bí oṣù bá parí, yóò da agolo náà sórí tábìlì, yóò ṣa wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, yóò ro iye tó tà, yóò yọ mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kúrò, yóò wá fi ohun tó kù wé owó tí ìyàwó kó wá.

Láti oṣù kìíní ni kò ti bá ara mu. Màmá rò pé òun ló ṣì í kà. Ní oṣù kejì, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó dẹ́kun pípe àwọn èèyàn kí wọ́n wá wo ìyàwó òun. Nígbà tí oṣù kẹrin parí, tí apá kò ká owó tí wọ́n fẹ́ fi ra ọjà tuntun bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpòòwé ń jáde bí omi, ó da ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níbi oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ó ní owó ń dín. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni bó ṣe ń sọ ọ́.

Ohun tí Àlọ́ gbọ́ ni àlọ́. Ó ti abọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní kí wọ́n gbé àwọn agolo wá. Ó tò wọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi Màmá léèrè: ní oṣù yìí, àpòòwé mélòó, èló ló dín? Ní oṣù tí ọjà yá jù, ẹgbẹ̀ta àpòòwé ló jáde, kéékèèké ni gbogbo wọn, ohun tó dín jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún. Ṣùgbọ́n oṣù kejì ṣàjèjì. Àwọn tó ń rán aṣọ ilé-ìwé nìkan ló rajà lóṣù náà, ogójì àpòòwé péré, owó gọbọi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó tó wọlé lóṣù náà ju ti oṣù tí ọjà yá lọ fíìfíì, síbẹ̀ ẹgbẹ̀fà péré ló dín. Ó pín èyí, ó pín tọ̀hún. Ojú rẹ̀ tàn. Ìyàwó rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé òun ò tíì rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó àwọn.

"Mo ti rí i," ni Àlọ́ wí. "Ọgbọ̀n ni. Ọgbọ̀n géérégé lórí àpòòwé kọ̀ọ̀kan. Ì báà jẹ́ ọjà ọgọ́rùn-ún, ì báà jẹ́ ti ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, kò kan ẹni tó ń mú un. Kò ń wo bí owó ṣe tóbi tó. Àpòòwé ló ń kà."

Màmá gbé omi mu, ó gbé ife sílẹ̀.

"Ta ló ń ka àpòòwé nínú ilé yìí?" ni Màmá béèrè.

Ìgbà yẹn ni Àlọ́ tó gbójú sókè. Ó rí i pé ìyá òun ń wo ìyàwó òun, ìyàwó òun sì ń wo òun.

Màmá kò pariwo. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, èyí tó burú ju ariwo lọ. Ó ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ náà ló ń gbé. Ó ní bí ẹnìkan bá ní ìṣòro, kó sọ, òun kò jẹ́ fi dù ú. Ṣùgbọ́n kéèyàn máa rọra bù ú ní ọgbọ̀n ọgbọ̀n, bí ẹni ń bu iyọ̀, ìyẹn ló dun òun.

Ìyàwó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó ṣí i síbi àkáǹtì, ó gbé e sáàárín tábìlì, láàárín àwọn bọ́tìnì tó fọ́. "Màmá, ohun tí wọ́n dà sí i ni mò ń kó wá fún yín. Mi ò yọ kọ́bọ̀ kan rí. Gbogbo rẹ̀ nìyí, lójoojúmọ́. Ẹ wò ó." Màmá ní òun kò mọ̀wé fóònù. Ìyàwó wá kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Ìwọ wò ó."

Àlọ́ kò mú un. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé bí òun bá mú fóònù náà, bí ẹni ń tú àpò ìyàwó òun wò ni, òun kò sì ní fi irú ìwọ̀sí bẹ́ẹ̀ kàn án. Ó rò pé àìwò náà ni ìfẹ́. Ó ní, "Gbé e, má yọ ara ẹ lẹ́nu. Ìṣirò lásán ni mò ń ṣe." Fóònù náà wà níbẹ̀ títí iná ojú rẹ̀ fi kú.

Ìyàwó bá gbé e. Ó padà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó rán àwọn bọ́tìnì tó kù nílẹ̀ lọ́jọ́ náà mọ́ páálí wọn, ó kọ orúkọ wọn, ó pa àpòòwé dé. Lọ́jọ́ kejì, ó kó aṣọ rẹ̀, ó ní, "Ọkọ mi, mò ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi." Àlọ́ rò pé ọjọ́ díẹ̀ ni.

Màmá lọ sí báńkì, ó jókòó lórí ìlà títí wọ́n fi tún orúkọ rẹ̀ ṣe, wọ́n sì gbé owó ọjà kúrò ní àkáǹtì ìyàwó bọ́ sí tirẹ̀. Òun náà ló ń di àpòòwé báyìí. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó ń fi abẹ́rẹ́ gún ìka, Àlọ́ sì ń kọ orúkọ pẹ̀lú ọwọ́ kíkọ rẹ̀ tó dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Kò sí àlejò kankan nínú ọ̀rọ̀ owó náà mọ́. Láti ilé-iṣẹ́ agbowó sí àkáǹtì Màmá, kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni láàárín.

Oṣù parí. Màmá da agolo. Ó ṣà, ó rò, ó yọ mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ó fi wé ohun tí báńkì ní ó wà nílẹ̀. Ó tún da bọ́tìnì náà pọ̀, ó tún ṣà á. Àlọ́ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ti mọ̀ kó tó parí. Ọgbọ̀n ló dín lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Màmá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó lé lórí tábìlì, bí ẹni pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ló mú un.

Lọ́jọ́ náà ni Àlọ́ pe ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní kò sí àṣìṣe kankan, ẹ̀gbọ́n. Ohun méjì ni àwọn ń gbà lórí ìsanwó kọ̀ọ̀kan: mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó náà, pẹ̀lú ọgbọ̀n tí kì í yí padà. Àlọ́ ní, kí ni ọgbọ̀n náà wà fún? Ọmọbìnrin náà ṣàlàyé fún un bí ẹni tó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó ní bí owó bá tóbi, ewu rẹ̀ ń tóbi, ìdá tí àwọn báńkì ń gbà nínú rẹ̀ náà ń tóbi, ìdí nìyẹn tí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún fi wà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí kò mọ ńlá yàtọ̀ sí kékeré. Kí ẹ̀rọ béèrè lọ́wọ́ báńkì oníbàárà bóyá owó wà níbẹ̀, kí báńkì dáhùn, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò pé kì í ṣe káàdì tí wọ́n jí, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni, bóyá abẹ́rẹ́ lẹ rù tàbí odó. Ó ní ó ti wà nínú àdéhùn láti ọjọ́ kìíní.

Àlọ́ dúpẹ́. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn dúrọ́ọ̀. Lórí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tó fi dán an wò, mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún, ọgbọ̀n ló kù. Ohun tó pè ní ẹ̀rúnrún nìyẹn. Ṣùgbọ́n lórí bọ́tìnì ọgọ́rùn-ún, mẹ́ta pẹ̀lú ọgbọ̀n, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó ọjà ti lọ. Àádọ́ta ni wọ́n ra bọ́tìnì náà, ogún ni àpòòwé àti sítáǹpù. Ọgbọ̀n ló yẹ kó jẹ́ èrè, agbowó sì ti mú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Gbogbo ẹyọ kan tí ìyàwó rẹ̀ rán mọ́ páálí pẹ̀lú òwú tó bá a mu, mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń pàdánù lórí rẹ̀. Bí ọjà ṣe ń yá sí i ni wọ́n ń rì sí i. Àwọn télọ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń sanwó tẹ́lẹ̀, fúnra rẹ̀ ló kọ́ wọn láti máa san án ní ogún ìgbà.

Ó sì ti rí ìdáhùn náà jálẹ̀jálẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Ọgbọ̀n, kò kan bí owó ṣe tóbi tó, àpòòwé ló ń kà. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tó jẹ́ àṣìṣe.

Nígbà tí Àlọ́ rò ó fún Màmá, Màmá ló kọ́kọ́ lọ bẹ ìyàwó. Ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí òde ọ̀wọ̀, ó kọ̀ kí Àlọ́ tẹ̀ lé òun. Nígbà tó padà dé, ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó. Ó ní wọ́n fún òun ní àga, wọ́n fún òun ní omi, ọmọ náà kúnlẹ̀ kí òun. Òun bẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà ní, "Màmá, ó ti tán nínú mi." Ó sin òun dé títì, ó dúró títí òun fi rí ọkọ̀ wọ̀. Àlọ́ ní ṣé ó ń bọ̀ nìyẹn? Màmá ní òun kò gbọ́ kó sọ bẹ́ẹ̀.

Ni Àlọ́ bá lọ. Ilé ìfọṣọ ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ní, yàrá gígùn kan tó kún fún ooru àti òórùn ọṣẹ. Ìyàwó rẹ̀ wà nídìí tábìlì ìlọṣọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo Àlọ́ láti òkè délẹ̀, ó ní, "Onímọ̀ ìṣirò, ẹ káàbọ̀," ó gbé agbọ̀n aṣọ, ó jáde fún wọn.

Àlọ́ sọ gbogbo rẹ̀. Ó ṣàlàyé ọgbọ̀n, ó ṣàlàyé mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ó ṣàlàyé bó ṣe jẹ́ pé lórí ọjà ńlá kò ṣeé rí. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ láìdá a lẹ́nu, ó ń lọ apá ẹ̀wù kan. Ó tilẹ̀ béèrè ìbéèrè kan: tí wọ́n bá ní kí ẹnikẹ́ni má ra ohun tó dín ní ẹgbẹ̀rún ńkọ́? Àlọ́ ní ọgọ́ta ni wọ́n máa yọ nígbà náà, mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún, ó ṣeé fara dà, ṣùgbọ́n Màmá ò ní gbà. Ìyàwó rẹ̀ mi orí. Ó ní òun mọ̀ pé Màmá ò ní gbà.

"Lọ́jọ́ yẹn," ni ìyàwó rẹ̀ wá wí, "nígbà tó o ń pín in lórí tábìlì, ta lo rò pé ó ń mú un?"

"Mi ò rò ó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Mo búra. Iye yẹn nìkan ni mò ń wá."

"Mo mọ̀." Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Ohun tó dùn mí nìyẹn. Ká ní o rò pé olè ni mí, ǹ bá bínú, ìbínú a sì máa tán. O ò rò ó rárá. Mo jókòó síbẹ̀, mi ò sí níbẹ̀."

Àlọ́ ní òun kò wo fóònù nítorí pé òun fọkàn tán an.

"Ìṣẹ́jú kan ni ì bá gbà ẹ́," ni ó wí. "Ẹni tí a fọkàn tán, a máa ń bá a wò ó ni."

Kò sunkún, kò sì gbé ohùn sókè. Ó tún gbé áyọ́ọ̀nù náà. Ó ní àwọn aṣọ ilé ìwòsàn kan wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wá kó, kó kí Màmá fún òun. Àlọ́ dúró díẹ̀, ó ń wá ohun tó kù tí òun lè ṣàlàyé. Kò sí.

Nígbà tó délé, Màmá ló kọ́kọ́ rí i. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó rí i pé kò gbé ẹrù obìnrin kankan bọ̀, ó yíjú sí ògiri. Fóònù ṣọ́ọ̀bù dún lórí káńtà. Ẹnìkan ní ìlú tí wọn ò mọ̀ ti ra bọ́tìnì eléegun kan, ọgọ́rùn-ún, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òun dúpẹ́, pé òun ti wá a kiri. Àlọ́ fa dúrọ́ọ̀, ó mú ẹyọ kan, ó mú páálí. Ó dúró níwájú òwú fún ìgbà pípẹ́, kò mọ èyí tó bá àwọ̀ rẹ̀ mu.